Aago Mélòó Gan-an Lẹ Máa Dé? Bí A Ṣe Ń Kọ Ẹ̀bẹ̀ Ránṣẹ́ sí Oníbàárà Kí Ìpàdé Tó Bẹ̀rẹ̀

Aago 9:24 àárọ̀ ni takisí wa dúró gbagidi sójú ọ̀nà. Aago 10:00 ni ìpàdé wa pẹ̀lú oníbàárà kan tí a kò tíì bá ṣiṣẹ́ rí, obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá níléeṣẹ́ rẹ̀. Èmi àti àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ la jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Tírélà kan ti dàbùú ọ̀nà níwájú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀, máàpù orí fóònù mi sì ń sọ pé aago 10:03 la máa dé. Àbúrò mi ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni, ẹ jẹ́ ká kàn máa lọ." Mo ní rárá, ẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ báyìí. Bí a ṣe kọ ọ́ ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà kì í ṣe ibi ẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n sọ pé "ẹ má bínú". Aago tuntun tí a ń fún ẹni tó ń dúró dè wá ló máa ń bà jẹ́.

Ìgbà wo ló yẹ kó lọ?

Ẹ fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ti rí i pé ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ pẹ́. Ẹ má dúró dìgbà tó bá dájú pátápátá. Oníbàárà tó gbọ́ ní ìdajì wákàtí ṣáájú ṣì lè fi àkókò yẹn ṣe nǹkan: ó lè parí ìwé tó ń kà, ó lè pe ẹlòmíì, ó lè sọ fún àwọn tó fẹ́ kó wá sípàdé pé kí wọ́n má tíì dìde. Èyí tó gbọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú ti kó ìwé rẹ̀ jọ, ó ti wà nínú yàrá ìpàdé, ó sì ti pe àwọn èèyàn rẹ̀ jókòó. Èyí tó gbọ́ lẹ́yìn tí aago ti lù ti bínú ná kí ẹ̀bẹ̀ tó dé.

Ohun tó ń dá wa dúró ni ìrètí. À ń rò pé ọ̀nà máa là láìpẹ́, pé bóyá a ò tiẹ̀ ní í pẹ́, ojú sì ń tì wá láti jẹ́wọ́ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti kọ̀wé, tí ọ̀nà wá là, tí ẹ dé lásìkò, kò sí ohun tó sọnù. Oníbàárà kàn máa rí yín ṣáájú ìgbà tó ń retí yín ni.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ẹni tó ń wakọ̀ fúnra rẹ̀: ẹ má tẹ ohunkóhun nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, àti nígbà tó ń fà díẹ̀díẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pẹ̀lú. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ níbi tó láàbò, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀, kí ẹ kọ ọ́. Ìṣẹ́jú méjì tí ìyẹn máa gbà, ẹ fi kún iye tí ẹ fẹ́ pẹ́.

Ẹ ka aago títí dé orí àga

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Aago tí máàpù ń fún yín ni aago tí ọkọ̀ máa dé ẹ̀gbẹ́ ilé náà lójú ọ̀nà. Ìpàdé kì í bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti jókòó, tí ìwé ti wà níwájú yín, tí èémí yín sì ti balẹ̀. Láàárín ẹ̀gbẹ́ títì àti orí àga yẹn, àwọn ìṣẹ́jú kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà.

Nínú takisí yẹn, mo mú bébà kan, mo ní kí àbúrò mi máa kọ ọ́ sílẹ̀. Máàpù ní 10:03. A máa sanwó fún awakọ̀, a máa kó báàgì: ìṣẹ́jú mẹ́ta, 10:06. Ní ẹnu géètì, wọ́n máa ní ká kọ orúkọ sínú ìwé àlejò, wọ́n máa pe òkè láti bèèrè bóyá wọ́n ń retí wa, wọ́n máa fún wa ní káàdì: ìṣẹ́jú mẹ́fà, 10:12. Àjà kẹrin ni ọ́fíìsì náà, a ó dúró de ẹ̀rọ agbéniròkè: ìṣẹ́jú mẹ́rin, 10:16. Ìkíni, ìjókòó, títan kọ̀ǹpútà: ìṣẹ́jú méjì, 10:18. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí àbúrò mi rí ti di méjìdínlógún, bẹ́ẹ̀ ohun tuntun kankan kò tíì ṣẹlẹ̀ sí wa. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ tirẹ̀ á tún fi àkókò àtiwá ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí kún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi àlékún sí i, nítorí ojú ọ̀nà tó ti dí kì í dúró bó ṣe wà. Èmi máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin ìrìn tó ṣẹ́ kù kún un. Ìrìn wa ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì láti 9:24 sí 10:03. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. 10:18 di 10:28. Mo wá sún un sókè sí iye tó rọrùn láti rántí: 10:30. Ìdá mẹ́rin yẹn kì í ṣe òfin, ìrírí tèmi ló kọ́ mi. Tí ẹ kò bá mọ ohun tó dí ọ̀nà, ẹ fi ìdajì kún un.

Ó máa ń dun èèyàn láti kọ 10:30 nígbà tí máàpù ń sọ 10:03. Ó dà bí ìgbà tí a ń fọwọ́ ara wa sọ ẹ̀ṣẹ̀ wa di ńlá. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la máa ń fojú kéré iye àkókò tí nǹkan máa gbà wá, kódà nígbà tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ èèyàn méjì, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, ti kọ̀wé nípa àṣìṣe yìí ní ọdún 1979. Ẹ ò lè fi ìgboyà ṣẹ́gun rẹ̀. Kíkà á lórí bébà, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, ló ń tú u fó.

Ìdí tí mo fi le mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni oníbàárà máa fara mọ́ aago tuntun láìjanpata. Ẹni tó sọ 10:30 tó dé ní 10:22 ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ẹni tó sọ 10:10 tó dé ní 10:22 ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì wọlé nígbà kan náà.

Ohun tí a kọ, àti ohun tí a pa rẹ́

Mo ní kí àbúrò mi kọ ọ́ kí n wò ó. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú mà, ẹ dákun mà, a ti wà lójú ọ̀nà látàárọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibí kò ṣeé fẹnu sọ. Tírélà kan ló dàbùú ọ̀nà, wọ́n ń gbìyànjú láti gbé e kúrò ṣùgbọ́n kò tíì ṣeé ṣe. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé mà, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Ẹ ṣeun mà."

Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ọ́, ọ̀wọ̀ sì kún inú rẹ̀. Síbẹ̀, tí mo bá jẹ́ obìnrin náà, mi ò ní mọ ohun tó yẹ kí n ṣe lẹ́yìn tí mo bá kà á tán. Kò sí aago kankan nínú rẹ̀. "Ìṣẹ́jú díẹ̀" lè jẹ́ mẹ́fà, ó lè jẹ́ ogójì. "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé" sì ti di ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í gbà gbọ́ mọ́, bíi ti "mo ti ń bọ̀" tí èèyàn ń sọ nígbà tó ṣì wà nínú balùwẹ̀. Ẹ yẹra fún àwọn gbólóhùn méjèèjì yìí pátápátá. "Látàárọ̀" pàápàá kì í ṣe òótọ́: aago 8:50 la kúrò nílé iṣẹ́.

Ẹ tún wo bó ṣe máa hàn lójú fóònù rẹ̀. Bí fóònù bá wà lórí tábìlì, ìlà kan tàbí méjì àkọ́kọ́ nìkan ló sábà máa ń yọ kí èèyàn tó ṣí i. Nínú ti àbúrò mi, ìkíni àti ẹ̀bẹ̀ ti gba gbogbo ààyè yẹn. Nǹkan tó yẹ kó rí láìfọwọ́ kan fóònù ni pé a máa pẹ́, àti aago tí a máa dé.

Ìkíni ńkọ́? Àwa kì í já lu àgbà láìkí i, mi ò sì ní sọ pé kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹyọ kan tó: "Ẹ káàárọ̀ mà." Ẹ̀bẹ̀ náà, ẹyọ kan tó. Tí ẹ bá to "ẹ jọ̀ọ́", "ẹ dákun" àti "ẹ má bínú" lé ara wọn lórí, ẹni tí ẹ ń bẹ̀ ni yóò tún máa tù yín nínú, iṣẹ́ sì nìyẹn jẹ́ fún un. Láàárín "ẹ má bínú" àti "mo tọrọ àforíjì", èmi ń lo ti àkọ́kọ́ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú, ìkejì nínú ímeèlì tó bá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a kò tíì mọ̀ dáadáa. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí "ẹ" ọ̀wọ̀ má já sọnù nínú ìkánjú, nítorí ẹni tó ń sáré tẹ fóònù lè kọ "jọ̀ọ́ má bínú" láìmọ̀.

Ìdí tí a fi pẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju gbólóhùn kan lọ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ìtàn tírélà kò ràn án lọ́wọ́ láti ṣètò àárọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì ṣe dá irọ́ pa, bó ti wù kó kéré tó. Ẹni tó sọ pé ọkọ̀ òun bàjẹ́ ló máa gbọ́ "Mẹkáníìkì ti ṣe é tán ṣé?" lẹ́nu ọ̀nà, ó sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irọ́ lé irọ́. Tí ìdí náà bá jẹ́ pé ẹ sùn gbàgbé tàbí pé ẹ ka àkókò kù díẹ̀ káàtó, ẹ sọ pé "èmi ni mi ò tètè kúrò nílé", kí ẹ fi mọ síbẹ̀.

Ohun tí a fi ránṣẹ́ ní aago 9:29 nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú, aago 10:30 la máa dé fún ìpàdé wa ti aago 10:00. Ọkọ̀ kan dí ọ̀nà níwájú wa, a ò sì fi àlàfo sílẹ̀ tó. Tí 10:30 ò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ sọ aago tàbí ọjọ́ tó bá rọrùn, a máa tẹ̀ lé e. Mo ti fi ìwé tí a fẹ́ jọ wò ránṣẹ́ sínú ímeèlì yín. Fóònù mi wà lọ́wọ́ mi."

Ẹ kíyè sí i pé aago tí a kọ jẹ́ aago gan-an. A kò kọ "lẹ́yìn ìdajì wákàtí". Tí ẹ bá kọ "ogún ìṣẹ́jú sí i" ní 9:29, tó wá kà á ní 9:45, láti ìgbà tó kà á ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ogún yẹn. Aago 10:30 kì í yí padà, ìgbà yòówù kí wọ́n kà á. Ẹ sì kíyè sí i pé a fi ìpinnu sọ́wọ́ rẹ̀. Àwa la ba ètò rẹ̀ jẹ́, nítorí náà òun ló yẹ kó sọ bóyá ìpàdé ṣì máa wáyé.

Ẹ rí i dájú pé ó ti kà á

Ẹ̀bẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò kọ. Ímeèlì nìkan kò tó nígbà tó bá ku díẹ̀, nítorí ẹni tó ti ń palẹ̀ mọ́ fún ìpàdé lè má ṣí i mọ́. Ibi tí ẹ ti jọ sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí. Lórí Wọ́ṣáàpù, àmì kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ yín, àmì méjì pé ó ti dé orí fóònù rẹ̀, àmì méjì aláwọ̀ búlúù pé ó ti ṣí i. Ẹlòmíì ti pa búlúù yẹn, nítorí náà ẹ má fi àìsí rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé kò tíì kà á.

Èmi máa ń dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí èsì ò bá wá, mo máa pè é. Tí kò bá gbé e, mo máa pe akọ̀wé rẹ̀ tàbí ẹni tó ń gba àlejò níbẹ̀, kí n ní kí wọ́n bá mi jíṣẹ́ pé aago 10:30 ni. Ìpè náà kò gbọ́dọ̀ gùn ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ náà sínú gúrúùpù gbogbo ẹgbẹ́ láìkọ́kọ́ sọ fún un, nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú ọ̀gá wọn.

Obìnrin náà dáhùn ní 9:33: "Kò burú. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ jáde ní 11:00." Wákàtí kan tí a ní ti di ìdajì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn dáhùn pé "ẹ ṣeun mà", wọ́n á sì lọ fi wákàtí kan ọ̀rọ̀ há sínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ohun mẹ́ta ló wà lórí ètò ìpàdé náà. Mo kọ padà pé: "Ẹ ṣeun mà. A máa parí ṣáájú 11:00. Ẹ jẹ́ ká fi àkókò náà wo iye owó iṣẹ́ nìkan, màá kọ ìyókù ránṣẹ́ síi yín lọ́la." Mo gbà pé ìdáhùn yìí ṣe pàtàkì tó ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí àkókò tí a pàdánù ti kúrò lára ìpín tiwa.

Tí aago tuntun náà bá tún fẹ́ yẹ̀

Ẹ pè. Ẹ má kọ. Ẹ pè kí aago tí ẹ fún wọn tó kọjá, kí ẹ sì jẹ́ kí ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ jẹ́ àbá láti sún ìpàdé sí ọjọ́ mìíràn. Bí pípẹ́ yín bá ti ń jẹ ju ìdajì àkókò ìpàdé lọ, ẹ má fún wọn ní aago kankan mọ́ àyàfi tí wọ́n bá fúnra wọn bèèrè. Ìpàdé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí gbogbo ènìyàn ti ń wo aago kì í so èso.

Ìgbà mìíràn wà tí kò sí aago tí èèyàn lè fi òótọ́ sọ, bíi kí ọkọ̀ bàjẹ́ tí a kò mọ ìgbà tí òmíràn máa dé. Ẹ má fojú inú dá aago. Ẹ fún wọn ní aago ìròyìn dípò aago ìdé: "Ọkọ̀ wa bàjẹ́, mi ò tíì lè sọ ìgbà tí a máa dé. Màá fi aago tó dájú ránṣẹ́ síi yín kó tó di 9:50." Tí 9:50 bá wá dé tí ẹ ò tíì mọ nǹkan kan, ẹ kọ̀wé pé ẹ ò tíì mọ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí a sún un.

Ti ìpàdé orí ẹ̀rọ kò gùn. Ìṣirò náà kéré, ṣùgbọ́n ẹ ka àkókò tí kọ̀ǹpútà máa gbà láti tan àti láti wọlé síbẹ̀. Tí oníbàárà bá wà ní orílẹ̀-èdè tí aago wọn yàtọ̀ sí tiyín, aago tiwọn ni kẹ́ ẹ kọ.

Nígbà tí ẹ bá wọlé

Gbólóhùn kan ni: "Ẹ ṣeun tí ẹ dúró dè wá mà, ẹ má bínú." Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àbúrò mi ti fẹ́ máa tún ìtàn tírélà sọ lẹ́nu ọ̀nà, mo fi ojú sọ fún un pé ó tó. Aago 10:22 la jókòó. Ẹnu géètì gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó fi méjì lé sí iye tí mo fún un. Ẹ̀rọ agbéniròkè sì ti wà nílẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. Obìnrin náà ti tẹ ìwé wa jáde. Ó ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ iye owó kan ní ojú ìwé kejì, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kí kọ̀ǹpútà wa tó tan.